Ìwé ìfàlélọ́wọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù aládìrẹ: ohun tó ṣeé dá padà àti ohun tí kò ṣeé dá padà

Ìkànnì tí mo kọ ìwé ìfàlélọ́wọ́ yìí fún ti ń tajà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ti sọ́ọ̀bù àdìrẹ kan ni ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. WordPress ni mo fi kọ́ ọ, WooCommerce ló ń bójú tó ọjà, Paystack ló ń gba owó. Ó ku kí n kó ẹrù mi kúrò níbẹ̀, kí Màmá tó ni sọ́ọ̀bù lè máa tún un ṣe fúnra wọn. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi láìfi bò: "Ìwọ ọmọ yìí, mi ò ní í máa wá ẹ kiri kí n tó yí iye aṣọ padà. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀pọ̀ ìwé ìfàlélọ́wọ́ tí mo ti rí ló ń to ohun tó wà lápá òsì ojú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹẹsẹ: èyí ni `Posts`, èyí ni `Media`, èyí ni `Settings`. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ran ọlọ́jà lọ́wọ́. Ọlọ́jà kì í jí láàárọ̀ kó máa rò ó pé kí ni `Media` wà fún. Ohun tó ń rò ni pé aró ti gbówó lórí, owó aṣọ gbọ́dọ̀ gòkè. Nítorí náà, mo bẹ Màmá pé kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́ọ̀sáàpù nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí n yí nǹkan padà, kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe wá sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun mẹ́rin ló ń padà wá: owó tó yí padà, aṣọ tuntun tó dé, aṣọ tó tán, àti ọ̀rọ̀ ojúewé bíi nọ́ńbà fóònù tàbí iye owó tí a fi ń gbé ẹrù lọ sí Èkó. Àwọn mẹ́rin yìí nìkan ni mo kọ.

Ohun tó gba ìrònú jù ni bí mo ṣe máa tò wọ́n. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi èyí tó rọrùn ṣáájú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù àṣìṣe ló ń ba Màmá. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé tí ọwọ́ bá ṣì, ṣé ó ṣeé dá padà? WooCommerce kò sì dáhùn ìbéèrè yẹn bákan náà níbi gbogbo. Ojúewé ṣeé dá padà. Iye owó ọjà kò ṣeé dá padà. Àwòrán tí a bá pa rẹ́ ti lọ pátápátá. Mo fi ìyẹn pín ìwé náà sí mẹ́ta, mo sì fi ìlà aláwọ̀ ewé, ti òféèfèé àti ti pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Àkáǹtì méjì

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo ṣí àkáǹtì méjì fún wọn. Èyí tí wọn yóò máa fi wọlé lójoojúmọ́ wà ní ipò `Shop manager`. Ó lè tún ọjà, ojúewé àti àwòrán ṣe, ó lè rí ohun tí oníbàárà rà, ṣùgbọ́n kò lè fi `Plugins` tuntun sí i, kò sì lè pa àkáǹtì ẹlòmíì rẹ́. Èkejì ni `Administrator`. Pásíwọ́ọ̀dù ti ìyẹn wà lórí bébà nínú àpòòwé tí wọ́n tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ owó. Àṣẹ tí mo lò rèé:

```
wp user create sobu sobu@example.com --role=shop_manager
wp user create oloja oloja@example.com --role=administrator
```

Tí ẹ kò bá fi pásíwọ́ọ̀dù sí àṣẹ yẹn, WordPress fúnra rẹ̀ á ṣe ọ̀kan, á sì gbé e jáde lójú kan náà. Ibẹ̀ ni mo ti dà á kọ sórí bébà.

Àwọn kan máa ń fún olóhun ní `Administrator` nìkan, wọ́n ní òun ló kúkú ni ín. Òótọ́ ni pé òun ló ni ín, ìdí nìyẹn tí kọ́kọ́rọ́ ńlá fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ń bá Màmá jókòó sí sọ́ọ̀bù lọ́sàn-án kò nílò bọ́tìnì tó lè da gbogbo ìkànnì rú.

Ojúewé: ìlà aláwọ̀ ewé

Àṣìṣe kì í ba nǹkan jẹ́ púpọ̀ níbí, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́. Ẹ lọ sí `Pages`, ẹ tẹ orúkọ ojúewé, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ yí, ẹ kọ tuntun, ẹ tẹ bọ́tìnì tó wà lókè lápá ọ̀tún láti fi pamọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi pamọ́ ni WordPress ń tọ́jú ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá dàrú, ẹ ṣí ojúewé náà, ẹ wá `Revisions` lápá ọ̀tún, ẹ fa ìlà òkè padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí èyí tó dára, ẹ sì dá a padà. Mo mú kí Màmá ba ojúewé "Nípa wa" jẹ́ pátápátá níṣojú mi, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rù kúrò lára wọn.

Mo ti fi `Lock` dè àwọn ibi tó gbé àwòrán ńlá àti ìlà ọjà ró lójúewé àkọ́kọ́, kí ìka má baà gbé wọn kúrò níbi tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ inú wọn ṣì ṣeé yí.

Ohun méjì péré ni mo kọ "ẹ má ṣe" sí lábẹ́ ìlà aláwọ̀ ewé. Èkíní, ẹ má yí àdírẹ́sì ojúewé padà, ìyẹn apá tó wà lẹ́yìn orúkọ ìkànnì. Tí ẹ bá yí ti ọjà, WordPress máa ń darí ẹni tó bá tẹ àdírẹ́sì àtijọ́ sí tuntun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojúewé. Gbogbo ẹni tí ẹ ti fi àdírẹ́sì àtijọ́ ránṣẹ́ sí lórí Wọ́ọ̀sáàpù á tẹ̀ ẹ́, wọn kò ní í rí nǹkan kan. Èkejì, ojúewé mẹ́rin wà tí WooCommerce fi ń ṣiṣẹ́: `Shop`, `Cart`, `Checkout` àti `My account`. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Tí ẹnì kan bá ti ju ọ̀kan sínú `Trash`, ó ṣì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30. Ṣùgbọ́n èyí ló máa ń tan ènìyàn jẹ: tí ẹ bá tẹ `Restore`, kò padà sí gbangba. `Draft` ni ó máa padà wá gẹ́gẹ́ bíi, oníbàárà kò sì ní í rí i títí ẹ ó fi ṣí i kí ẹ sì tẹ `Publish`. Mo kọ ìyẹn ní lẹ́tà ńlá, torí ẹni tó bá ti tẹ `Restore` máa ń rò pé iṣẹ́ ti parí.

Owó ọjà: ìlà òféèfèé

Ibí ni mo pẹ́ sí jù. WooCommerce kì í tọ́jú ẹ̀dà iye owó ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá yí ₦18,000 sí ₦15,000 tí ẹ sì fi pamọ́, kò síbi tí ₦18,000 wà mọ́ àfi nínú orí yín.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ nígbà ìdánwò ya èmi gan-an lẹ́nu. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ Màmá, mo gbé ìwé fún un, mo pa ẹnu mọ́. Ó ṣí ọjà kan, ó lọ sí `Regular price`, ó sì kọ `18k`, bí gbogbo wa ṣe ń kọ owó lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Ìkìlọ̀ kékeré kan yọ lójú ẹsẹ̀. Kò tíì kà á tán tó fi tẹ ibòmíì, ìkìlọ̀ náà sì parẹ́. WooCommerce ti yọ lẹ́tà náà kúrò, 18 ló ṣẹ́ kù. Aṣọ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ti di aṣọ náírà méjìdínlógún, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan mọ́ lójú ẹ̀rọ. Ohun kan náà ni `18.000` máa ń ṣe, torí pé ẹ̀rọ ka àmì yẹn sí ibi tí kọ́bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. `18,000` ní tirẹ̀ kò léwu: ẹ̀rọ á fi ìkìlọ̀ hàn, á yọ kọ́mà, 18000 á sì kù.

Torí náà gbólóhùn kan péré ló wà lókè ojú ìwé owó: ẹ kọ nọ́ńbà nìkan, `18000`, kò gbọdọ̀ sí kọ́mà, kò gbọdọ̀ sí àmì kankan, kò gbọdọ̀ sí k. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n á fi mọ̀ bóyá ó tọ́: lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi pamọ́, ẹ ṣí ọjà náà bí oníbàárà ṣe máa rí i, ní ojúewé ìkọ̀kọ̀ tí ẹ kò ti wọlé, kí ẹ ka iye náà sókè. Ojúewé ìkọ̀kọ̀ ni mo sọ, nítorí nígbà míì, ẹ̀dà àtijọ́ tí bùráúsà tọ́jú ni ẹ̀ ń wò. Ọ̀pọ̀ ìpè tí oníkọ̀ǹpútà máa ń gbà pé "mo ti yí i, kò yí" kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó kò gùn. `Sale price` gbọ́dọ̀ kéré sí `Regular price`, ẹ̀rọ kò ní í gbà á bí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí àsìkò ẹ̀dínwó bá parí, ẹ pa `Sale price` rẹ́ kó ṣófo. Ẹ má kọ 0 síbẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni ìyẹn.

Nígbà tí gbogbo ọjà tó ní iye kan ṣoṣo bá jọ gbówó lórí, ẹ lè mú wọn pọ̀: ẹ fi àmì sí wọn ní `Products`, ẹ yan `Edit` nínú `Bulk actions`, ẹ tẹ `Apply`, ẹ yan pé kí owó gòkè, kí ẹ sì kọ `10%`. Ó yára, ó sì léwu. Ká ní íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, ẹ rò pé kò tíì gbà á, ẹ wá tún un ṣe. Aṣọ ₦20,000 á kọ́kọ́ di ₦22,000, á sì tún di ₦24,200. Ẹ lè rò pé kí ẹ dín 10% kù lẹ́ẹ̀kan, ìṣòro tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ti 24,200 ni yóò yọ, ₦21,780 ni yóò sì kù, kì í ṣe ₦22,000. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sókè-sódò, bẹ́ẹ̀ ni owó náà ń jìnnà sí ibi tí ẹ fẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ìwé fi sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ọjà tó pọ̀ láìkọ́kọ́ tọ́jú àkójọ. Ní `Products`, ẹ tẹ `Export`, lẹ́yìn náà `Generate CSV`. Fáìlì kan á bọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín tó ní gbogbo ọjà àti iye wọn nínú. Ẹ fi déètì sí orúkọ rẹ̀. Tí nǹkan bá dàrú, ẹ tẹ `Import`, ẹ yan fáìlì yẹn, kí ẹ sì fi àmì sí `Update existing products`. Tí ẹ bá gbàgbé àmì yẹn, ẹ̀rọ á fo gbogbo ọjà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì rò pé fáìlì kò dára. Ẹ má fi Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì ṣí i kí ẹ tó dá a padà. Ó máa ń jẹ òdo tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ọjà, `0045` á di 45, nọ́ńbà ọjà náà kò sì ní í bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́.

Aṣọ tuntun

Aṣọ tó ní iye kan ṣoṣo rọrùn. Iṣẹ́ wà nínú aṣọ tó jáde ní oríṣi méjì. Àpẹẹrẹ tí mo lò nínú ìwé ni kàmpálà kan tí Màmá ń tà ní kọ́tìnnì àti ní sílíìkì, ọ̀pá márùn-ún ìdì kan, ₦18,000 ti kọ́tìnnì, ₦26,000 ti sílíìkì.

Màmá kọ́kọ́ fẹ́ ká pín in sí ọ̀pá márùn-ún àti ọ̀pá mẹ́wàá. Mo sọ pé ká má ṣe bẹ́ẹ̀. WooCommerce kò mọ̀ pé ọ̀pá mẹ́wàá jẹ́ ìdì méjì. Tí ìdì mẹ́fà bá wà nílẹ̀ tí ẹnì kan sì ra ọ̀pá mẹ́wàá, ọ̀kan ni ẹ̀rọ máa yọ, á ní ó ku márùn-ún, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin ló kù ní sọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀pá mẹ́wàá, kó ra méjì.

Bó ṣe lọ rèé. Ní `Add new product`, ẹ kọ orúkọ aṣọ. Ní `Product data`, ẹ yí `Simple product` sí `Variable product`. Ní `Attributes`, ẹ mú "Irú aṣọ", èyí tí mo ti ṣe sílẹ̀, ẹ yan kọ́tìnnì àti sílíìkì, ẹ fi àmì sí `Used for variations`, ẹ tẹ `Save attributes`. Mo ti ṣe "Irú aṣọ" sílẹ̀ nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àmì `|` sáàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sì rọrùn láti rí àmì yẹn lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, ní `Variations`, ẹ tẹ `Generate variations`. Méjì á jáde. Ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ 18000 sí ti kọ́tìnnì, 26000 sí ti sílíìkì, ẹ tẹ `Save changes`, kí ẹ tó wá tẹ `Publish` lókè.

Ọmọ Màmá kọ owó sí kọ́tìnnì nìkan. Ọjà náà jáde, àwòrán dára, iye wà lójú, kò sì sóhun tó jọ àṣìṣe nínú rẹ̀. Àmọ́ oríṣi tí kò bá ní iye kò ṣeé rà, oníbàárà tó wá sílíìkì kò sì ní í rí ọ̀nà rà á. Àmì tí mo kọ fún wọn láti fi yẹ̀ ẹ́ wò ni pé iye méjì gbọ́dọ̀ hàn lábẹ́ orúkọ aṣọ, láti ₦18,000 dé ₦26,000. Tí ẹyọ kan bá hàn, tó sì jẹ́ pé owó oríṣi méjèèjì kò bára mu, ọ̀kan ti ṣófo.

Aṣọ tó bá tán, ẹ má jù ú sí `Trash`. Àdírẹ́sì rẹ̀ ṣì wà lórí Wọ́ọ̀sáàpù ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ yí i sí `Out of stock`, kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ rí i pé ó ti tán, kó sì rí òmíràn rà. Iye tó wà nílẹ̀ sì nílò ìtọ́jú tí ẹ̀rọ kò lè ṣe: aṣọ tí a bá tà lójú ọjà ní Ìtòkú, ìkànnì kò mọ̀. Màmá gbà pé kí wọ́n máa yọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú lójoojúmọ́. Fún aṣọ tó jẹ́ ẹyọ kan péré, mo ní kí wọ́n yọ ọ́ kí oníbàárà tó kúrò níwájú wọn.

Àwòrán: ìlà pupa

Kò gùn. Tí ẹ bá pa àwòrán rẹ́ nínú `Media`, kò sí `Trash` fún un, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ fi àwòrán àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ kàn yan tuntun fún ọjà náà. Kí ẹ tó gbé àwòrán fóònù lọ, ẹ gé e kí ìbú àti gígùn rẹ̀ dọ́gba, nítorí WooCommerce máa ń gé e bẹ́ẹ̀ fún ìlà ọjà, ó sì lè gé etí aṣọ tí oníbàárà fẹ́ rí. Ẹ tọ́jú ojúlówó àwòrán sórí fóònù.

Kí èmi fúnra mi kúrò

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú ìwé ni pé kí wọ́n pa àkáǹtì mi rẹ́. Mo jẹ́ kí Màmá ṣe é fúnra wọn, níṣojú mi, pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù inú àpòòwé. Ìgbésẹ̀ yìí ló léwu jù nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ìfàlélọ́wọ́ kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ní `Users`, tí ẹ bá tẹ `Delete` lábẹ́ orúkọ oníṣẹ́, WordPress á bi yín pé kí ni kí òun ṣe sí ohun tí ẹni náà ni. Èmi ni mo ṣe gbogbo ojúewé, èmi ni mo sì gbé àwòrán sí i, nítorí náà orúkọ mi ló wà lára wọn. Tí ẹ bá yan `Delete all content`, ojúewé á bá mi lọ sínú `Trash`, títí kan `Cart` àti `Checkout`. Àwòrán kò tilẹ̀ ní `Trash` tó máa wọ̀, wọn yóò parẹ́ pátápátá. Èkejì ni kí ẹ yan, `Attribute all content to`, kí ẹ sì mú orúkọ `oloja`.

Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, mo ní kí Màmá kọ nọ́ńbà mẹ́ta sórí bébà: iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `All` ní `Pages`, iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní `Products`, àti iye àwòrán tó wà ní `Media`. Wọ́n tẹ `Confirm Deletion`. Wọ́n ṣí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, wọ́n kà á, ó bára mu. Wọ́n wá fi àkáǹtì `sobu` wọlé, wọ́n ra ìdì kàmpálà kan lọ́wọ́ ara wọn títí dé ojúewé Paystack, wọ́n rí i pé iye tó wà níbẹ̀ ni ₦18,000, wọ́n sì tì í pa láìsanwó.